Bí A Ṣe Ń Kọ Lẹ́tà Ìránnilétí Owó Àsúráńsì



Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tó ń gba owó àsúráńsì lọ́wọ́ àwọn oníbàárà gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rere nìkan ò tó. Lẹ́tà lè dùn bí oyin, kó má sì sọ ọjọ́ tí ewu máa dé. Ẹni tó gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, ọjọ́ á sì kọjá lórí ẹ̀.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a máa rí bí a ṣe ń kọ lẹ́tà tó ní ọ̀wọ̀, tó sì tún là kedere. Bí ẹ bá jẹ́ agbowó tàbí akọ̀wé, ẹ ó mọ ohun tí ẹ máa kọ. Bí ẹ bá jẹ́ oníbàárà, ẹ ó mọ ohun tí ẹ máa wò nígbà tí lẹ́tà bá dé.

Àsúráńsì wo là ń sọ?

Àsúráńsì pọ̀. Èyí tí à ń sọ níbí ni àsúráńsì ẹ̀mí. Ẹ bá ilé iṣẹ́ àsúráńsì ṣe àdéhùn, ẹ ń san owó kékeré lóṣooṣù. Bí ọdún àdéhùn bá pé tí ẹ ṣì wà láyé, wọ́n á san owó fún yín. Bí ikú bá dé kó tó pé, wọ́n á san owó náà fún àwọn ọmọ yín tàbí ẹni tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síwèé.

Ti alùpùpù àti ti ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ìyẹn, láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin ṣe ní ọdún 2011, owó ni ẹ máa kọ́kọ́ san kí àsúráńsì tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí pé ẹ ń gùn ún lọ, ẹ ó san lẹ́yìn. Ẹ má ṣe fi ọ̀kan pe èkejì.

Lẹ́tà méjì tí kò dára

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aránṣọ kan ní Kétu ṣe àpẹẹrẹ. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ló ti ń san 5,000 fáráǹkì ní ọjọ́ 5 oṣooṣù. Ọdún mẹ́wàá ni àdéhùn rẹ̀. Bí ó bá kú láàárín rẹ̀, 600,000 fáráǹkì ni àwọn ọmọ rẹ̀ máa gbà. Ìyá yìí ò jẹ oṣù kan rí. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 2025, ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tún bàjẹ́. Ọjọ́ 5 kọjá, kò rí owó san.

Agbowó rẹ̀ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ báyìí:

«Ìyá wa ọ̀wọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni? A ò rí yín láìpẹ́ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí wa nígbà tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀. Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́.»

Ẹ wo lẹ́tà yìí. Ó ní ọ̀wọ̀, àbí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èló ni ìyá jẹ? Kò sí níbẹ̀. Ìgbà wo ni ọjọ́ máa pé? Kò sí níbẹ̀. «Nígbà tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀» ńkọ́? Èyí gan-an ni irọ́ inú lẹ́tà náà, torí òfin kì í dúró de ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ìyá á rò pé òun lè san án lẹ́yìn ìkórè.

Nígbà tí a sọ fún agbowó pé lẹ́tà yìí ti rọ̀ jù, ó kọ èkejì:

«Ìyá Aránṣọ, ẹ jẹ wá lówó. Bí ẹ ò bá san án lọ́sẹ̀ yìí, a ó pe ọlọ́pàá, a ó sì gbé yín lọ sí kóòtù.»

Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí kò ní ọ̀wọ̀, kò sì jẹ́ òótọ́. Òfin àsúráńsì tí Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn jọ ń lò ni wọ́n ń pè ní òfin Síímà. Ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1992 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní Yawundé, ní Kamẹrúùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1995. Òfin yìí sọ pé ilé iṣẹ́ àsúráńsì ò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ láti fi ipá gba owó àsúráńsì ẹ̀mí. Ẹ lè dá a dúró nígbà tó bá wù yín. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí àdéhùn yín nìkan ni wọ́n lè sọ fún yín. Nítorí náà, bí agbowó bá fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà yín nítorí àsúráńsì ẹ̀mí, ẹ mọ̀ pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ mélòó ni òfin fún wa?

Ohun tó ṣòro jù nínú lẹ́tà náà nìyí. Ẹ jẹ́ ká lọ díẹ̀díẹ̀.

Bí ọjọ́ ìsanwó bá kọjá, ilé iṣẹ́ á dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ti ìyá aránṣọ, ọjọ́ 5 oṣù kẹta ni ọjọ́ ìsanwó. Ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀ pé ní ọjọ́ 15. Lẹ́yìn èyí, ilé iṣẹ́ á kọ lẹ́tà sí i, wọ́n á fi orúkọ lẹ́tà náà sílẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kí ẹ̀rí lè wà pé wọ́n fi í ránṣẹ́. Irú lẹ́tà yìí ni àwọn elédè Faransé ń pè ní rẹkọmandé.

Láti ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, ogójì ọjọ́ ni òfin fún oníbàárà. Èyí ni à ń pè ní ọjọ́ ìyọ̀ǹda. Ní gbogbo ogójì ọjọ́ yìí, àdéhùn ṣì wà láàyè. Bí ìyá aránṣọ bá kú láàárín rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á gba owó wọn. Ilé iṣẹ́ lè yọ owó oṣù tí ìyá jẹ kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè sọ pé àdéhùn ti kú.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà kúrò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ la ti ń kà. A kì í kà á láti ọjọ́ tó dé ọwọ́ yín. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ká ní wọ́n fi lẹ́tà ìyá aránṣọ ránṣẹ́ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18 oṣù kẹta. Ká ní ọwọ́ ìyá kò tẹ̀ ẹ́ títí di ọjọ́ 31, torí pé ọmọ tó ń bá a lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ kò sí nílé. Bí ìyá bá ń kà á láti ọjọ́ 31, á rò pé òun ní àyè títí di ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún. Ẹ jẹ́ ká kà á bó ṣe yẹ:

Ọjọ́ 19 oṣù kẹta ni ọjọ́ kìn-ín-ní.
Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ni ọjọ́ kẹtàlá.
Ó ku ọjọ́ 27 kí ogójì tó pé.
Nítorí náà, ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ni ogójì pé.

Àṣìṣe ìyá jẹ́ ọjọ́ mẹ́tàlá gbáko. Bí ó bá gbé owó wá ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún, á fi ẹ̀rín wọlé, á sì fi ẹkún jáde.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2025 bọ́ sí Ọjọ́ Àìkú. Ilé iṣẹ́ ò ṣí. Nítorí náà, akọ̀wé tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kọ «ogójì ọjọ́» kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Á ka ọjọ́ náà fúnra rẹ̀, á wo kàlẹ́ńdà, á sì kọ ọjọ́ ìkẹyìn tí oníbàárà lè rí ẹni gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Níbí, Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 25 ni.

Èló ni a máa san?

Bí ìyá bá san owó kó tó di ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, 5,000 fáráǹkì oṣù kẹta nìkan ló jẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 5 oṣù kẹrin wà láàárín ogójì ọjọ́ yẹn. Bí ó bá ti dé ọjọ́ náà, owó oṣù kẹrin ti kún un. Òfin sọ pé owó tó bá dé láàárín ọjọ́ ìyọ̀ǹda, a máa san án pọ̀ mọ́ ti àtẹ̀yìnwá. Nítorí náà, 10,000 fáráǹkì ló máa san. Bí ìyá bá mú 5,000 wá ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin torí pé 5,000 ló rí nínú lẹ́tà, owó rẹ̀ ò pé, àdéhùn ò sì bọ́ nínú ewu. Lẹ́tà tó dára gbọ́dọ̀ kọ iye méjèèjì.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ bá kọjá?

Kò rí bákan náà fún gbogbo èèyàn. Akọ̀wé gbọ́dọ̀ wo ìwé oníbàárà kọ̀ọ̀kan kó tó kọ lẹ́tà.

Ẹni tó bá ti san owó ọdún méjì, tàbí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tí àdéhùn ní kó san, àdéhùn rẹ̀ kì í kú pátápátá. Ó máa ń dínkù ni. Ìyá aránṣọ ti san oṣù 26, ìyẹn 130,000 fáráǹkì. Ó ti ju ọdún méjì lọ. Kò ní san owó mọ́, ṣùgbọ́n 600,000 tí àwọn ọmọ rẹ̀ ì bá gbà máa di owó kékeré. Inú tábìlì tó wà nínú ìwé àdéhùn ni wọ́n ti máa ń rí iye tó kù. Ká ní ti ìyá jẹ́ 105,000. Ẹ ò rí i pé nǹkan ńlá ló sọnù.

Ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀ ńkọ́? Ká ní káfíńtà kan bá wọn ṣe irú àdéhùn kan náà, oṣù mẹ́sàn-án péré ló sì san, ìyẹn 45,000. Tirẹ̀ máa kú pátápátá. Ìdáàbòbò á dópin, ó sì lè má rí nǹkan kan gbà padà nínú owó tó ti san.

Bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí ìyá aránṣọ àti káfíńtà, ẹ ti ṣi ọ̀kan lọ́nà. Bí ẹ bá sọ fún ìyá pé «gbogbo owó yín máa ṣòfò», ẹ fi irọ́ dẹ́rù bà á. Bí ẹ bá sọ fún káfíńtà pé «àdéhùn yín máa dínkù», ẹ fi irọ́ tù ú nínú.

Lẹ́tà tó dára

Ẹ wo bí agbowó ṣe kọ ọ́ nígbà kẹta:

«Kétu, ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2025

Ìyá wa Aránṣọ,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. A dúpẹ́ fún owó tí ẹ ti ń san láìyẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023.

Owó oṣù kẹta, 5,000 fáráǹkì, tó yẹ kó wọlé ní ọjọ́ 5, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹ bá ti san án, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ hàn wá ká lè tún ìwé wa ṣe.

Òní ni a fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́. Ogójì ọjọ́ tí òfin fún yín máa parí ní Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2025. Ilé iṣẹ́ wa kì í ṣí ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Ọjọ́ Àìkú. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó kọjá Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 25 oṣù kẹrin.

Bí ẹ bá san án kó tó di ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, 5,000 fáráǹkì ni. Láti ọjọ́ 5 lọ, 10,000 fáráǹkì ni, torí owó oṣù kẹrin náà ti dé.

Títí di ọjọ́ 27 oṣù kẹrin, àdéhùn yín ṣì pé. Bí ọjọ́ náà bá kọjá láìsan, 600,000 tí ẹ fi pamọ́ fún àwọn ọmọ máa dínkù di 105,000 fáráǹkì.

Ẹ lè san án ní ọ́fíìsì wa tó wà lẹ́bàá ọjà, tàbí kí ẹ fi í ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí. Bí owó ò bá tíì sí lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tó pé. A máa gbọ́ yín.

Èmi agbowó yín.»

Ẹ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kejì. Kò gùn, kò sì le. Ó kí ìyá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ pé bóyá ìyá ti san án, torí ìwé ilé iṣẹ́ náà lè ṣì. Lẹ́yìn náà ló wá sọ iye owó, ọjọ́ ìkẹyìn, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń sanwó. Ọ̀wọ̀ àti òótọ́ jókòó pọ̀ síbẹ̀, ọ̀kan ò lé èkejì jáde.

Lẹ́tà tí òfin mọ̀ lè jẹ́ ti èdè Faransé. Ẹ má yọ ọ́ kúrò. Ẹ fi ti Yorùbá mọ́ ọn nínú àpò ìwé kan náà, kí ọjọ́ àti iye owó inú méjèèjì sì bára mu.

Bí a ṣe ń fi lẹ́tà náà lé èèyàn lọ́wọ́

Agbowó kan lè kọ lẹ́tà dáadáa, kó sì wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó dé ọjà, ó kígbe: «Ìyá Aránṣọ, owó àsúráńsì yín ò tíì wọlé o!» Gbogbo ìyálọ́jà gbọ́. Ojú ti ìyá. Láti ọjọ́ yẹn, bí ó bá rí agbowó lókèèrè, á gba ẹ̀yìn ilé lọ, kò sì ní gbọ́ ọjọ́ ìkẹyìn tí agbowó fẹ́ sọ fún un.

Ẹ lẹ lẹ́tà pa. Ẹ fi í lé oníbàárà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Bí kò bá mọ̀wé kà, ẹ bi í léèrè ẹni tó fẹ́ kó ka á fún un, ẹ jókòó sí ìkọ̀kọ̀, ẹ ka ọjọ́ ìkẹyìn fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní kó sọ ọ́ padà fún yín. Bí ó bá sọ pé «ọjọ́ 25 oṣù kẹrin, 10,000 fáráǹkì», ẹ mọ̀ pé ó ti yé e.

Ohun tí oníbàárà máa ṣe

Bí lẹ́tà bá dé, ẹ kọ́kọ́ wá ọjọ́ tí wọ́n fi í ránṣẹ́. Ó wà lókè lẹ́tà, ó sì tún wà lára òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ tọ́jú àpò ìwé náà torí òǹtẹ̀ yìí. Ẹ ka ogójì ọjọ́ fúnra yín, kí ẹ sì fi wé ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà. Bí kò bá bára mu, ẹ lọ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì gbé èyí tó yá jù wò bí ọjọ́ ìkẹyìn yín.

Ẹ má ṣe fún agbowó lówó láìgba ìwé ẹ̀rí, bó ti wù kó jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín. Bí àríyànjiyàn bá dé, ìwé ẹ̀rí ló máa sọ̀rọ̀ fún yín.

Bí ọjọ́ ìkẹyìn bá ti kọjá, ẹ má kàn jókòó sílé. Ẹ lọ béèrè bóyá wọ́n lè sọ àdéhùn náà di ọ̀tun. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń gbà, ṣùgbọ́n ẹ máa san gbogbo owó tó ṣẹ́kù, wọ́n sì lè bi yín nípa ìlera yín. Ẹni tí àìsàn ti ń ṣe lè má rí i gbà. Ìdí nìyí tí ọjọ́ 25 fi sàn ju ọjọ́ 28 lọ.

Ìbéèrè

1. Kí ló kù nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tí agbowó kọ?
2. Ṣé ilé iṣẹ́ lè pe oníbàárà lẹ́jọ́ nítorí owó àsúráńsì ẹ̀mí?
3. Wọ́n fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà. Ọjọ́ wo ni ogójì ọjọ́ rẹ̀ máa pé? Ẹ ka á lórí kàlẹ́ńdà. (Bí ẹ bá rí ọjọ́ 20 oṣù keje, ẹ gbà á.)
4. Kí nìdí tí a ò fi lè kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí ìyá aránṣọ àti káfíńtà?
5. Ẹ kọ lẹ́tà ìránnilétí sí káfíńtà náà. Ẹ má gbàgbé ìkíni, iye owó, ọjọ́ ìkẹyìn àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí àdéhùn rẹ̀.